Àbọ̀ ọ̀rọ̀ oníbàárà aṣọ ẹbí

"Oníbàárà mi ní kí n yọ 900 náírà lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Báwo ni mo ṣe lè kọ̀ láìbí i nínú?"

Ẹ ṣé gan-an fún ìmọ̀ràn yín lórí ìbéèrè mi yìí. Màmá tó ń ta aṣọ ní Gbàgí ló là mí lójú: 9,000 ni mò ń tà á, 7,500 ló ń ná mi. 900 nínú èrè 1,500 ti ju ìdajì lọ! Ní ti ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kọ́kọ́ fi owó lé e kí n tó yọ ọ́, oníbàárà yìí ti mọ iye tí mò ń tà á.

Mo wá sọ fún oníbàárà náà pé: "Mọ̀mí, kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Tí a bá yọ iṣẹ́ ọrùn tó ń ná mi ní 900, ó di 8,100. Tàbí kí ẹ san gbogbo owó ṣáájú. Màá fi ra aṣọ lọ́pọ̀, 300 tí mo bá rí níbẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan di tiyín."

Wọ́n ti sanwó ṣáájú. Bóyá wọn ò ní tún dúnàádúrà nígbà míì, mi ò lè sọ.