Kí ló dé tí àwọn fọ́ńṣọ̀n áígẹ̀n mi kò fi jẹ́ ọ̀tógónà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò yìí, ibì kan ni mo há sí. Okùn kan tó nà tantan ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí: a so ó mọ́ ògiri ní x = 0, ẹrù kan tó wúwo bí okùn náà fúnra rẹ̀ sì wà ní x = 1. Ìdọ́gba rẹ̀ nìyí:

−y'' = λy, y(0) = 0, y'(1) = λy(1)

Mo rí y = sin kx, níbi tí λ = k² àti k tan k = 1. k méjì àkọ́kọ́ jẹ́ 0.8603 àti 3.4256. Mo tún wọn yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò yẹ̀. Ṣùgbọ́n íńtígírà y₁y₂ láti 0 dé 1 fún mi ní 0.212 dípò òdo.

Mo wá fi y₂ sọ ìdọ́gba y₁ di púpọ̀, mo fi y₁ sọ ti y₂ di púpọ̀, mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, mo sì ṣe íńtígírà rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ní etí ọ̀tún kò pòórá, torí λ wà nínú òfin etí náà:

∫y₁y₂ dx = −y₁(1)y₂(1)

Ìyẹn bá 0.212 mu gẹ́lẹ́, nítorí náà kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò.

Ṣé ∫y₁y₂ dx + y₁(1)y₂(1) ló yẹ kí n máa fi wọn ọ̀tógónà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí mo bá fẹ́ tú ìrísí okùn f(x) ní ìbẹ̀rẹ̀ sí àwọn yₙ, ṣé dandan ni kí n fi f(1)yₙ(1) kún òkè ìdá, kí n sì fi yₙ(1)² kún ìsàlẹ̀ rẹ̀?