Ẹ̀yin tí ẹ lóyún tàbí tí ẹ ń tọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́ agbára, kí ni ojú yín rí?

Ìyá Tòmíwá, Ògbómọ̀ṣọ́
Oko adìẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo lóyún, èmi ni mo ń ru oúnjẹ adìẹ láti sítọ́ọ̀ lọ sí ilé adìẹ, báàgì kọ̀ọ̀kan kílò 25. Wọ́n tún ń ní kí n kó ìgbẹ́. Bí òjò bá rọ̀ tí ìgbẹ́ náà rin, òórùn rẹ̀ a máa ta èèyàn lójú títí omi á fi máa dà. Mo sọ fún súpáfáísọ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lo lóyún ni?"

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣa ẹyin ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní tí n bá ti ń wí pé ó rẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Kí n lọ gba ìwé níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú aboyún, kí wọ́n dárúkọ ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé n kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, n kò gbọdọ̀ wọ ilé adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín fọ́máálìn sí. Mo fún mánẹ́jà fúnra rẹ̀, mo sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí wọ́n ṣe gbé mi sí ìdí kírétì nìyẹn: mò ń jókòó to ẹyin, mò ń yọ èyí tó ti sán sọ́tọ̀. Owó oṣù mi kò dín.

Ìgbà tí mo bímọ tán tí mo padà ni wàhálà dé. Kó tó di ọ̀sán, ọmú mi á ti le bí òkúta, wàrà á ti rin aṣọ mi. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Ìbejì
Òfin ti fún yín ní wákàtí méjì lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ìyàwó mi gbà á. Ẹ lọ béèrè tiyín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọ̀yọ́
Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, àmọ́ ìlànà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Ti ilé iṣẹ́ aládàáni wà ní abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́: ìyá tó ń tọ́mọ ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́. Abala náà dárúkọ oko pẹ̀lú.

Ìyá Tòmíwá, bí wọ́n bá ní kí ẹ pa méjèèjì pọ̀ sí wákàtí kan, ẹ má tètè gbà. Ọmú tí kò bá rí ìfàmu fún àkókò gígùn, wàrà á dì sí i. Bí ẹ bá rí ojú kan lára ọmú tó le, tó pọ́n, tó ń gbóná, tí ibà sì dé, ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó máa mu, ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn bí kò bá rọ̀ ní ọjọ́ kejì.

Bí ará ilé yín ò bá lè gbé ọmọ wá bá yín ní géètì oko, ẹ fọwọ́ fún wàrà sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí, kí ẹ sì kó o sínú kúlà tó ní yìnyín. Nínú ilé tó tutù, wákàtí mẹ́rin ni mo máa fún un. Nínú ooru wa yìí, n kò ní dúró tó bẹ́ẹ̀. Lóko adìẹ, ẹ kọ́kọ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Alákàrà Takíé
Èmi ò ní ọ̀gá o. Iwájú iná ni mo wà, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn mi. Ta ló máa fún mi ní ìṣẹ́jú 30? Nọ́ọ̀sì, oògùn wo ni wàrà fi ń pọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọ̀yọ́
Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu dáadáa, lọ́sàn-án lóru. Àmọ́ ẹ má dáná pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, epo gbígbóná kì í ṣeré.

Ayan-gàrí
Ojúmọ́ ni wọ́n ń san owó fún wa. Bí mo bá lọ fọ́mọ lọ́mú, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó mi. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? Ṣé òfin yín sì dárúkọ ẹrù wúwo tí wọ́n ń ní kí aboyún gbé?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ọ̀yọ́
Ti ẹrù, abala 54 kò dárúkọ rẹ̀, ìdí tí ìwé ilé ìwòsàn fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Ti owó, ó ní àkókò iṣẹ́ ni, nítorí náà lójú tèmi kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ bi agbẹjọ́rò.

Bàbá Ìbejì
Ọ̀gá tó bá fẹ́ yọ owó á yọ ọ́ o. Ta ló máa tìtorí ìṣẹ́jú 30 lọ kóòtù?

Ìyá Tòmíwá, Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá ọkọ mi ti gbà láti máa gbé e wá sí géètì. Mánẹ́jà fọwọ́ sí ti aago mẹ́wàá. Ti aago méjì ló ń kọ̀, ó ní ìgbà yẹn la máa ń kó ẹyin kejì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó di aago mẹ́ta, wọn ò tíì dá mi lóhùn.