Ọ̀wọ́n-lórí-ọ̀wọ́n

"Ẹ jọ̀wọ́, mò ń ṣe ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ iléèwé ní Kétu. Ọ̀wọ́ngógó ni mo pe bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Ṣé ó tọ̀nà? Kí la ó sì pe bí agbára owó ṣe ń dín kù?"

Bàbá wa láti Ṣàbẹ́ ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ẹ pè é ní àyọkúrò ọdọọdún. Bí ọ̀wọ́n bá jẹ́ 3 nínú 100, ẹ máa yọ 3 kúrò lára agbára owó lọ́dọọdún."

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Àjàṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, ìṣirò ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Òótọ́ ni pé agbára owó ń dín, àmọ́ bí a bá ń yọ 3 bẹ́ẹ̀, kò ní pé ọdún 34 tí kò fi ní sí ohun kan láti yọ mọ́. Owó kì í kú bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpò ìrẹsì kan tó jẹ́ 20,000 sẹ́fà. Bó bá ń fi 3 nínú 100 wọ́n, lọ́dún kejì ó di 20,600. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe 600 la ó fi kún un, 618 ni, nítorí pé ọ̀wọ́n tuntun gun orí ọ̀wọ́n àná. Lẹ́yìn ọdún 24, ó ti lé ní 40,600. Ká ní 600 péré là ń fi kún un lọ́dọọdún ni, 34,400 ni ì bá jẹ́. Ẹni tó bá ti yá owó èlé-lórí-èlé rí mọ nǹkan yìí dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká pè é ní ọ̀wọ́n-lórí-ọ̀wọ́n.

```
iye    = iye0 * (1 + r)^t
agbara = 1 / (1 + r)^t
```

`iye0` ni iye ìbẹ̀rẹ̀, `r` ni ìpín ọ̀wọ́n ọdọọdún, bíi 0.03 fún 3 nínú 100, `t` sì ni iye ọdún. Ìlà kejì ló dá Bàbá lóhùn. Pípín ni, kì í ṣe yíyọ. Lẹ́yìn ọdún 24, agbára 100 sẹ́fà ṣì kù bíi 49. Ọdọọdún ni ọ̀wọ́n ń mú ìpín kan náà, àmọ́ ara ohun tó ṣẹ́ kù ló ti ń mú un, nítorí náà, ohun tó ń mú ń kéré sí i. Ìdá-nínú-ìyókù ni mo dábàá fún un.

Ọ̀wọ́ngógó ńkọ́? Mi ò fara mọ́ ọn. Bí epo bá wọ́n lóṣù kan tó sì padà wálẹ̀, ọ̀wọ́ngógó nìyẹn, ẹnu gbogbo wa ló sì wà.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wàǹdó dá sí i: "Èmi ò mọ ti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń wá o. Náírà ni mo kó pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nígbà tí mo fi máa ṣẹ́ ẹ sí sẹ́fà ní Ìgòlò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò tó ìdajì ohun tí mo fojú sí. Ṣé ìdá-nínú-ìyókù nìyẹn?"

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Rárá o, pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Lóṣù kẹfà ọdún 2023 ni ilé ìfowópamọ́ àgbà Nàìjíríà dẹ okùn náírà, ó sì já wálẹ̀ lójijì. Sẹ́fà kò bá a já, torí ara owó Yúróòpù la so ó mọ́. Ó ti ṣe sẹ́fà náà bẹ́ẹ̀ rí: lóṣù kìíní ọdún 1994, fáráǹsì ilẹ̀ Faransé kan kúrò ní 50 sẹ́fà, ó di 100. Ọjà wọ́n gan-an lọ́dún yẹn, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò di ìlọ́po méjì. Ìfò ẹ̀ẹ̀kan ni, `r` kan ṣoṣo kò lè gbé e. Bí a bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ká fi iye tí ọjà jẹ́ lọ́dún tó kọjá pín iye tó jẹ́ lọ́dún yìí. Bí èsì bá ń sún mọ́ra lọ́dọọdún, ọ̀wọ́n-lórí-ọ̀wọ́n ni. Bí ọdún kan bá dá yàtọ̀ fíofío, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Bàbá tún kọ̀wé: "Mo gbà fún pípín. Ṣùgbọ́n bí rédíò bá ní ọ̀wọ́n ti dín láti 5 sí 2, àwọn ará ilé mi rò pé ìrẹsì ti já wálẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí, Bàbá. Ìrẹsì ṣì ń gòkè, ìrìn rẹ̀ ló rọ̀. Mo ní ká máa sọ pé eré ọ̀wọ́n dín.

"Eré? Àwọn ọmọ á ní ọ̀wọ́n ń ṣeré. Ẹ kọ ìyára."

Ìyára kò wà lẹ́nu àwọn ará ọjà, eré ọ̀wọ́n ni mo ṣì dì mú. Olùkọ́ Kétu, ẹ fi méjèèjì han àwọn ọmọ, kí ẹ sì kọ èyí tí wọ́n bá tún sọ fún ìyá wọn nílé ránṣẹ́ sí wa.