Ìjì gbé páànẹ́lì ìpẹ̀kun sókè lórí òrùlé mi: ṣé kí n kàn fún bóòtù le sí i?

Délé:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Páànẹ́lì sólà 6 ló wà lórí òrùlé mi, wọ́n tò wọ́n sí ìlà kan lórí réèlì 2, orí páànù ni. Ọdún kejì rèé. Ìjì jà lóru ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ń gbọ́ gbà, gbà, gbà lókè bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo gun àkàbà, páànẹ́lì tó wà ní ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì ti gbé etí kan sókè. Kíláǹpù kan níbẹ̀, irin kékeré tó ń di páànẹ́lì mọ́ réèlì, ti já bọ́ sínú gọ́tà, èkejì ṣì wà lójú ẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti wọ́. Àwọn 5 yòókù ò mira. Ẹni tó bá mi ṣe é ní kò sí nǹkan kan, pé òun á wá fi kíláǹpù mìíràn sí i. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kí n ní kó fún gbogbo bóòtù le sí i ni, àbí kí n gbé búlọ́ọ̀kù lé orí réèlì kó lè wúwo?

Túnjí:
Ẹ fún un le. Tèmi náà ti tú rí. Oòrùn á mú irin fẹ̀, òru á tún sún un kì, díẹ̀díẹ̀ ni bóòtù ń tú. Ẹ gbé sípánà, ẹ fún un títí tí kò fi ní lè yí mọ́. Búlọ́ọ̀kù náà ò burú.

Màmá Ìbejì:
Tèmi tiẹ̀ burú ju ti ìjì lọ. Látìgbà tí wọ́n ti kan ẹsẹ̀ réèlì mọ́ páànù mi ni yàrá ti ń jò. Mo ti fi gọ́ọ̀mù dí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn oníṣẹ́ yìí.

Alágbẹ̀dẹ:
Délé, ẹ má tíì fún nǹkan kan. Ẹ wá téèpù, kí ẹ wọn bí férémù páànẹ́lì yín ṣe nípọn tó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọn kíláǹpù tó já bọ́ yẹn, láti ìdí rẹ̀ tó ń jókòó lé réèlì títí dé abẹ́ ètè rẹ̀ tó ń di férémù mú.

Délé:
Férémù jẹ́ mìlímítà 35. Kíláǹpù jẹ́ 40.

Alágbẹ̀dẹ:
A ti rí olè. Kíláǹpù àárín, ìyẹn èyí tó wà láàárín páànẹ́lì méjì, máa ń sọ̀kalẹ̀ títí tí ètè rẹ̀ méjèèjì á fi jókòó lé férémù. Ti ìpẹ̀kun ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń dúró lórí réèlì, nítorí náà gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá férémù mu. Tí ó bá fi mìlímítà 5 ga ju férémù lọ, bí ẹ ṣe ń fún bóòtù ni yóò máa dà síwájú, eteetí ètè rẹ̀ nìkan ni yóò sì kan férémù. Lójú, ó le. Ní ti òótọ́, kò di nǹkan kan mú. Ẹ gun òkè lọ sí ìpẹ̀kun ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ gbìyànjú láti ki páálí tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ ètè kíláǹpù ibẹ̀. Tó bá wọlé, irú kan náà ni wọ́n lò síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fífún le tí Túnjí sọ, òótọ́ wà níbẹ̀, bóòtù a máa tú. Ṣùgbọ́n “títí tí kò fi ní lè yí mọ́” ló ń tẹ férémù wọnú, tó sì ń ba ojú réèlì jẹ́. Ìwé tó bá páànẹ́lì àti kíláǹpù wá ń sọ iye tí ó yẹ kí ẹ fún un dé. Sípánà oníwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe agbára apá.

Túnjí:
Ó dáa. Búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Ohun tó bá wúwo ò ṣeé gbé fún afẹ́fẹ́.

Alágbẹ̀dẹ:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Páànẹ́lì Délé á fẹ̀ tó mítà 2 níbùú lóòró, á sì wúwo tó kílò 21. Ìjì tó ń sá 126 kílómítà ní wákàtí kan ní agbára bíi kílò 75 lórí mítà kọ̀ọ̀kan níbùú lóòró. Nígbà tó bá gba orí òrùlé kọjá, fífà ló ń fa páànẹ́lì sókè, bí ẹní ń ṣí ìdérí ìkòkò. Kílò 150 nìyẹn. Ẹ yọ ìwúwo páànẹ́lì fúnra rẹ̀ kúrò, ó ku nǹkan bí 130 tí kíláǹpù àti síkúrù gbọ́dọ̀ gbà. Létí òrùlé àti ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó lè tó ìlọ́po méjì. Búlọ́ọ̀kù mélòó lẹ fẹ́ gbé lé páànù? Òrùlé á kọ́kọ́ wó kí ìjì tó dé.

Adéọlá:
Nítorí èyí ni ti ìpẹ̀kun fi léwu jù. Lẹ́yìn àwọn ìjì ńlá Írímà àti Màríà ti 2017 ní erékùṣù Kàríbéánì, àwọn ẹnjiníà tó lọ wo àwókù rí i pé kíláǹpù àárín tí páànẹ́lì méjì jọ ń lò wà lára ohun tó fà á tí odindi ìlà fi ń lọ. Tí ọ̀kan bá ti fò, kíláǹpù ò ní nǹkan kan tó ń tì í lápá kan mọ́, ó ti tú sílẹ̀ fún èkejì nìyẹn. Délé, orí ló yọ yín.

Délé:
Mo ti padà gòkè. Páálí wọ abẹ́ ètè méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo tún rí nǹkan kan: ìdí bóòtù kíláǹpù ní ìlà kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí i lórí. Lórí èyí tó pọ̀, ìlà yẹn dábùú réèlì. Lórí ọ̀kan, ó na gbọọrọ bá réèlì lọ.

Alágbẹ̀dẹ:
Ojú yín dáa. Orí bóòtù yẹn tó wà nínú réèlì rí bí òòlù, ìlà yẹn ló sì ń fi bó ṣe dùbúlẹ̀ hàn. Ẹ ó kì í bọ ihò réèlì ní gbọọrọ, ẹ ó sì yí i kó dábùú kó tó lè há. Èyí tó na gbọọrọ yẹn ò yí, nọ́ọ̀tì nìkan ló ń yí. Afẹ́fẹ́ á fà á yọ bí ẹní fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ẹ tú u, kí ẹ yí i padà, ẹ má fi dírííli sáré fún un, torí bóòtù tí kì í dípatà máa ń jó mọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Ó ku ẹsẹ̀ réèlì. Ẹ wọ àjà lọ́sàn-án pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá rí ẹnu síkúrù tó yọ láti ara páànù láìwọ igi, páànù lásán ló di ẹsẹ̀ yẹn mú, kò sì ní pẹ́ ya. Màmá Ìbejì, bóyá ibi tó ń jò lọ́dọ̀ yín náà nìyẹn. Síkúrù tí kò rí igi á máa mì nínú ihò, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ á gbó, gọ́ọ̀mù ò sì lè wò ó.

Màmá Ìbejì:
Háà. Kò sẹ́ni tó wọ àjà rí láti ọjọ́ náà.

Délé:
Mo ti wọ ọ́. Ẹsẹ̀ 8 ni, 6 wọ igi, 2 tó wà lápá òsì ò wọ̀ ọ́. Oníṣẹ́ ti gbà láti tún wọn kàn, á sì mú kíláǹpù 35 wá. Ohun tí a ò tíì fẹnu kò lé lórí ni pé páànẹ́lì ìpẹ̀kun yẹn kò jìnnà sí etí òrùlé ju sẹ̀ntímítà 10 lọ. Mo ní kó sún gbogbo ìlà sínú, ó ní iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni, kò pọn dandan.

Alágbẹ̀dẹ:
Èmi á sún un, ó kéré tán dé sẹ̀ntímítà 30.

Adéọlá:
Tí àyè ò bá sí lọ́wọ́ ọ̀tún ńkọ́? Èmi á kúkú yọ ti ìpẹ̀kun, kí n fi 5 sílẹ̀.

Délé:
Sẹ̀ntímítà 22 ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo ṣì ń rò ó.