Bí mo ṣe lè sọ dígírì, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá di dẹ́símà láìsí àṣìṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa wíwọn ilẹ̀. Òṣogbo ni mo wà. Bàbá tó wọn ilẹ̀ ẹbí wa fún mi ní àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn pílà wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti ti gbogbo rẹ̀ pọ̀: dígírì 7, ìṣẹ́jú 46, ìṣẹ́jú-àáyá 12 di 7.4612. Dẹ́símà tòótọ́ rẹ̀ ni 7 + 46/60 + 12/3600, ìyẹn 7.77. Bí mo bá fi 7.4612 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí máàpù, pílà náà á bọ́ sí gúúsù ní nǹkan bíi kìlómítà 34.

Mo kọ èyí ní Páítọ́nì:

```
d = int(x)
m = int((x-d)*100)
s = ((x-d)*100-m)*100
print(d + m/60 + s/3600)
```

Ó gba 7.4612 dáadáa. Ṣùgbọ́n 7.47, tí í ṣe ìṣẹ́jú 47 gééré, di 7.79444 dípò 7.78333. Nígbà tí mo wo inú rẹ̀, m jẹ́ 46, s sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100. Àṣìṣe ìṣẹ́jú-àáyá 40 nìyẹn, ó ju kìlómítà kan lọ! Mo rò pé iye tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ fún 7.47 kéré sí i díẹ̀, tí int sì gé e sísàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi round sí i kí n tó gé e, àbí kí n ka nọ́ńbà náà bí ọ̀rọ̀, kí n fi òdo kún un di 7.4700, kí n wá gé e ní méjì-méjì? Àwọn ìlà mìíràn ní ìdá ìṣẹ́jú-àáyá, bíi 7.461235 fún 12.35, mi ò sì fẹ́ kí ó sọnù.