Àkàbà tó ń yọ̀ lára ògiri: kí la máa pe ìyára méjèèjì?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣàgámù: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkàbà mítà 5 fara ti ògiri. Ìdí rẹ̀ ń yọ̀ kúrò lẹ́bàá ògiri ní mítà 0.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ìdí yẹn bá jìnnà sí ògiri ní mítà 3, báwo ni orí rẹ̀ ṣe ń yára wálẹ̀ tó? Ṣé “ìyára ìbátan” la lè pe irú ìṣirò yìí?

Olùkọ́ ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde: N kò fara mọ́ “ìbátan”. Bí èèyàn bá wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré, tó ń wo bí ọkọ̀ mìíràn ṣe ń yá a sílẹ̀, ìyẹn ni mo máa fi í pè. Níbi tiwa, gígùn àkàbà tí kì í yí padà ló so ìyára méjèèjì pọ̀. “Ìyára àsopọ̀” ló wù mí.

Ya àwòrán rẹ̀ ná. Pe jíjìnnà ìdí sí ògiri ní x, kí o pe gíga orí ní y. Méjèèjì ló ń yí padà, nítorí náà má tíì fi 3 sí ibì kankan:

x² + y² = 25

Wá wo bí ìhà méjèèjì ṣe ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ; dx/dt ni ìyára ìdí, dy/dt sì ni ìyára orí:

2x(dx/dt) + 2y(dy/dt) = 0

Ìgbà yìí ló tó fi 3 sí ipò x. Y á jẹ́ 4. Nítorí náà, dy/dt = −(3/4)(0.5) = −0.375. Orí àkàbà ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 0.375 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àmì òdì yẹn ló ń sọ pé gíga ń dín kù. Bí o bá ti kánjú fi 3 sí i, 9 + y² = 25 ni wàá rí, y kò sì ní lè kúrò lórí 4 mọ́. Bí ìdáhùn rẹ bá ti ní orí àkàbà kò mira, ibẹ̀ ni kí o padà wò.

Akunlé, Ìkẹ́nnẹ́: Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kó yọ̀? Èmi máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ di ìdí rẹ̀ mú kí n tó gùn ún.

Ọ̀dọ́ kan, Ìpẹru: Ẹ jẹ́ ká pè é ní “ìyára àjọrìn”, sà. Àkàbà kan náà ni, bí ìdí ṣe ń yára náà ni orí ń yára.

Olùkọ́ ìṣirò: Òótọ́ ni pé wọ́n jọ ń rìn, àmọ́ ìyára wọn kì í dọ́gba àfi nígbà tí x àti y bá dọ́gba, nǹkan bíi mítà 3.54. Tí x bá di 4, y á jẹ́ 3, orí á sì máa wálẹ̀ ní bíi mítà 0.67, ó ti yára ju ìdí lọ nìyẹn. Bí y bá ń sún mọ́ òdo, ìṣirò á ní ìyára náà kò lópin. Àkàbà gidi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: orí rẹ̀ á ti kúrò lára ògiri, x² + y² = 25 kò sì ní bá a mu mọ́.

Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Igbó: Tí omi bá ń kún inú táńkì ńkọ́? Iye omi àti gíga rẹ̀ jọ ń yí padà, kò sí ohun tó ń rìn níbẹ̀. “Ìyípadà àsopọ̀” ni èmi máa kọ.

Olùkọ́ ìṣirò: Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n a ṣáà máa ń sọ pé omi “ń yára kún”. N kò tíì fi “ìyára” sílẹ̀.