Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní n kò ní kọmíṣàn, n kò ní bónọ́ọ̀sì

Àdùkẹ́ Salford, 8 April 2025

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fi ìbínú kọ ìwé tí màá padà kábàámọ̀.

Manchester níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé-iṣẹ́ kan tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì àti fóònù fún àwọn oníṣòwò. Owó oṣù wa kò tó nǹkan, kọmíṣàn la gbójú lé. Nínú gbogbo £100 tí oníbàárà bá fọwọ́ sí, £4 ni tiwa. Láàárín January sí March, oníbàárà mẹ́ta ni mo mú wọlé: £24,000, £18,000 àti £20,000. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, £2,480 ló tọ́ sí mi. Ìparí April ni wọ́n máa ń san ti oṣù mẹ́ta yẹn.

Bónọ́ọ̀sì ńkọ́? Ní 12 February, mánẹ́jà mi pè mí sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí, ó na ìwé sí mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe ní 2024, wọ́n fún mi ní £3,000, àti pé yóò bá owó oṣù April wọlé. Mo dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn wá yọjú. Ní 24 March, mo fún wọn ní nótíìsì oṣù kan. 23 April ni màá ṣe iṣẹ́ kẹ́yìn, 30 April sì ni owó oṣù máa ń wọlé. Ẹ rí àlàfo ọjọ́ méje yẹn? Ibẹ̀ ni wọ́n gbá mi mú. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí mi lánàá pé bónọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, bó bá wù wọ́n ni wọn yóò fi fúnni, àti pé ẹni tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsanwó kò ní ìpín nínú bónọ́ọ̀sì tàbí kọmíṣàn. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé ìlànà òṣìṣẹ́.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí?

Kúnlé Croydon

Àdùkẹ́, gbàgbé bónọ́ọ̀sì, ẹ̀bùn ni. Ẹni tó fẹ́ fún ẹ lẹ́bùn lè yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n kọmíṣàn, òógùn ojú ẹ ni, kò sí ìwé kankan tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ. Má sì kánjú, ọdún mẹ́fà lo ní láti pè wọ́n lẹ́jọ́.

Ìyá Rótìmí

Ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ ṣeré o. Nígbà tí bàbá Rótìmí kúrò nídìí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, odindi ọdún kan la fi ń lé ìwé kiri. Kọ nọ́ńbà ẹ sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Salford

Ẹ ṣé mà, ti ìfẹ̀yìntì kò ní wàhálà. Kọmíṣàn àti bónọ́ọ̀sì ni mò ń bá wọn fà.

Túndé Leeds

Àbúrò mi, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ mi, irú ọ̀rọ̀ báyìí kò sì ṣàjèjì sí mi. Kúnlé má bínú, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ dáa, ìdajì lè pa èèyàn lára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kọmíṣàn. Pé ìwé kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Peninsula àti Sweeney. Ọkùnrin náà fọwọ́ sí ìwé tó sọ kedere pé ẹni tó bá kúrò kò ní gba kọmíṣàn tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ó kúrò, ó sì pàdánù owó náà. Ilé ẹjọ́ ní ohun tó fọwọ́ sí ló dè é, bó ti wù kó le tó. Ní ìdàkejì, nínú ẹjọ́ Brand àti Compro, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fi hàn pé tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ pàdánù kọmíṣàn tó ti ṣiṣẹ́ fún, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ gbangba gbàǹgbà. Tí ìwé bá ṣe bí ẹni ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́, òṣìṣẹ́ ló máa jàǹfààní rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Kọ́ńtíráàtì tí ìwọ fọwọ́ sí, kí ló sọ nípa ìgbà tí kọmíṣàn di tìrẹ: ìgbà tí oníbàárà fọwọ́ sí i ni àbí ìgbà tó sanwó? Ìwé ìlànà tí wọ́n ń tọ́ka sí, ojú ewé wo ni, kí ló sì wà lójú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀?

Ṣadé Luton

Kí ẹ tó lọ jìnnà, ẹ gbọ́ tèmi. Èmi ń ta iná àti gáàsì fún àwọn ilé oúnjẹ. Mo gba kọmíṣàn, mo ti ná an, mo kúrò, oníbàárà méjì já kọ́ńtíráàtì, wọ́n sì yọ £640 nínú owó oṣù mi ìkẹyìn. Mo pariwo títí. Ìwé tí mo fọwọ́ sí sọ pé tí oníbàárà bá já a kí oṣù mẹ́fà tó pé, màá dá a padà. Mi ò kà á nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín. Àdùkẹ́, wò ó bóyá irú ẹ̀ wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Salford

Ẹ̀gbọ́n, mo ti tú gbogbo àpótí. Kọ́ńtíráàtì mi, ìpínrọ̀ keje: "Kọmíṣàn jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí oníbàárà bá fọwọ́ sí i, a ó sì san án ní ìparí oṣù tó tẹ̀lé ìdá mẹ́rin ọdún." Kò sọ nǹkankan nípa ẹni tó bá kúrò. Aǹtí Ṣadé, kò sí ti kí n dá owó padà níbẹ̀.

Ìwé ìlànà ló ní ọ̀rọ̀ "kó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́", ojú ewé 31. Ojú ewé àkọ́kọ́ ńkọ́? "Ìwé yìí kì í ṣe ara kọ́ńtíráàtì rẹ." Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i.

Túndé Leeds

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ti kọmíṣàn, ẹsẹ̀ rẹ wà nílẹ̀ dáadáa. Ó di tìrẹ ní ọjọ́ tí oníbàárà fọwọ́ sí i, ọjọ́ ìsanwó kàn jẹ́ ọjọ́ tí owó máa wọlé ni. Wọn kò lè fi ìwé tí wọ́n fúnra wọn pè ní ohun tí kì í ṣe kọ́ńtíráàtì gba ohun tí kọ́ńtíráàtì fún ọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Òṣìṣẹ́ ti 1996, abala 27, ka kọmíṣàn àti bónọ́ọ̀sì mọ́ owó iṣẹ́. Abala 13 ló sì sọ pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀ láìní àṣẹ.

Ti bónọ́ọ̀sì, ibi tí Kúnlé ti ṣìnà nìyí. Bónọ́ọ̀sì tí ọ̀gá kò tíì sọ iye rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ti kọ iye rẹ̀ lé ìwé. Kó tó sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló wà lóòótọ́, bí kò tilẹ̀ lè ṣe é bó ṣe wù ú láìní ìdí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clark pe báńkì Nomura lẹ́jọ́ ní London, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà ní 2000. Ó ti pa èrè ńlá fún wọn, wọ́n lé e, wọ́n fi òdo sí bónọ́ọ̀sì rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kò sí ọ̀gá olóye kan tó máa wo iṣẹ́ yẹn kó fi òdo sí i, wọ́n sì ní kí wọ́n san £1,350,000. Ṣùgbọ́n irú ìjà yẹn le, torí ìwọ lo máa fi hàn pé ìpinnu wọn kò bọ́gbọ́n mu, kò sì sí iye kan pàtó lọ́wọ́ rẹ.

Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dá a lórúkọ, wọ́n ti kọ £3,000, wọ́n ti sọ oṣù. Nínú ẹjọ́ Farrell Matthews & Weir àti Hansen, 2005, ohun tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fún òṣìṣẹ́ dì mú ni pé tí ọ̀gá bá ti sọ fún òṣìṣẹ́ pé yóò gba bónọ́ọ̀sì báyìí báyìí, ó ti di owó iṣẹ́, bó ṣe sọ ọ́ náà ló gbọ́dọ̀ san án.

Láńre B'ham

Ẹ̀gbọ́n Túndé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá kejì. Ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. "Bó ṣe sọ ọ́ náà" tí ẹ wí yẹn, òun gan-an ni ìjà. A kì í fi lẹ́tà bónọ́ọ̀sì sílẹ̀ láìfi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àdùkẹ́, ka lẹ́tà February yẹn dé ìpẹ̀kun.

Àdùkẹ́ Salford

Ah. Ó wà níbẹ̀, lẹ́tà wínníwínní, lábẹ́ ibi tí mánẹ́jà fọwọ́ sí: "A ó san án gẹ́gẹ́ bí ìlànà bónọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́." Èmi tí mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sí ọkọ mi lóṣù méjì sẹ́yìn, mi ò rí i.

Láńre B'ham

Ohun tí wọn yóò dì mú nìyẹn. Wọ́n á ní lẹ́tà náà ló pe ojú ewé 31 wọlé.

Túndé Leeds

Òótọ́ ni Láńre sọ, kò yẹ kí n ti fi í lọ́kàn balẹ̀ tán. Èsì wa ni pé ìwé tí wọ́n ní kì í ṣe kọ́ńtíráàtì ni wọ́n tún ń pè wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì fi ojú ewé 31 hàn án nígbà tí wọ́n fún un ní lẹ́tà. Adájọ́ kan lè gbà á, òmíràn lè má gbà á. Kọmíṣàn ni mo fi ọkàn tán, bónọ́ọ̀sì jẹ́ ìdajì-ìdajì.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi, ìgbà wo ni iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́ Salford

6 May, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ karùn-ún jẹ́ ìsinmi.

Túndé Leeds

Kí ló dé tí a kò ti béèrè èyí látàárọ̀! Kọ̀wé sí wọn lónìí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ ìkẹyìn rẹ di 30 April. Ìwọ nìkan kò lè sún un, àfi kí wọ́n gbà. Tí wọ́n bá gbà, ìjà ti parí.

Kúnlé Croydon

Ṣé kò lè fi ìsinmi tó kù fún un na ọjọ́ yẹn ni?

Láńre B'ham

Rárá, ìsinmi tí kò lò, owó rẹ̀ ni wọ́n á san. Kì í sún ọjọ́ ìkẹyìn síwájú fúnra rẹ̀.

Túndé Leeds

Ti ọdún mẹ́fà tí Kúnlé sọ: kóòtù àgbègbè nìyẹn, owó ìforúkọsílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ni mo fẹ́ kó lọ, kì í gba owó láti 2017, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ kan ni. Tí owó kò bá wọlé ní 30 April, ó gbọ́dọ̀ kàn sí Acas, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá parí ìjà, kí 29 July tó kọjá. Acas ló máa kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀, láìgba kọ́bọ̀. Kó sì fi lẹ́tà February àti kọ́ńtíráàtì ránṣẹ́ sí ímeèlì tirẹ̀ kí wọ́n tó gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé tirẹ̀ nìkan o, kò gbọdọ̀ mú orúkọ oníbàárà kankan dání.

Àdùkẹ́ Salford, 1 May

Ẹ káàárọ̀ o. Wọn kò gbà kí n sún ọjọ́ náà. Mo wá kọ̀wé, mo fi ìpínrọ̀ keje àti ojú ewé àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Lánàá, £2,480 wà nínú ìwé owó oṣù mi, wọ́n yọ owó orí, mi ò lè sọ pé inú mi kò dùn. Bónọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀. Ọ́fíìsì ní àwọn ń "wò ó". Mo ti pe Acas láàárọ̀ yìí.